Bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí iléèwé láti béèrè ètò àkànṣe nínú ìdánwò fún ọmọ tó ní dísléksíà

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin wà ní Ọdún 9 níbí ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ó mú ìwé ìdánwò ìtàn kan bọ̀ wálé. Ìbéèrè mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ó dáhùn mẹ́rin, máàkì tí tíṣà fún un lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dára. Ojú ewé méjì tó gbẹ̀yìn funfun báláú, tíṣà sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kó yára sí i nígbà mìíràn. Mo ń ro àmàlà lọ́wọ́, mo wá bi í ní ìbéèrè karùn-ún lẹ́nu. Ó rò ó fún mi látòkè délẹ̀, kò fo nǹkan kan. Ó mọ ohun tí wọ́n bi í. Kíkà ló gba àkókò mọ́ ọn lọ́wọ́.

Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wa pé ó jọ dísléksíà. Ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè so lẹ́tà mọ́ ìró tí lẹ́tà náà ń dún, nítorí náà gbogbo ìlà tó bá kà ló ń gba agbára tí kì í gbà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà sí iléèwé. Mo ní ọmọ mi ń tiraka, kí wọ́n jọ̀wọ́ ràn án lọ́wọ́. Wọ́n dá mi lóhùn pé àwọn ti gbọ́, àwọn á máa fojú sí i. Oṣù márùn-ún kọjá, kò sí ohun tó yí padà. Lẹ́tà kejì ló ṣílẹ̀kùn, òun ni mo sì fẹ́ là sílẹ̀ níbí, torí mo mọ iye òbí wa tó ti kọ irú èyí àkọ́kọ́ yẹn, tí wọ́n sì ń dúró de èsì títí di òní.

Ìdánwò GCSE ni mò ń sọ. JCQ, ìyẹn àjọ tí àwọn ìgbìmọ̀ ìdánwò jọ dá sílẹ̀, ló ń ṣòfin ètò àkànṣe rẹ̀, bíi àfikún àkókò, ní Ẹ́ńgílàǹdì, Wéèlìsì àti Àríwá Áyálàǹdì. Sìkọ́tílàǹdì ní ètò tirẹ̀.

Ohun tí lẹ́tà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà àkọ́kọ́ nìyí: lẹ́tà òbí kì í gba àfikún àkókò fún ọmọ. Ìwé dókítà pàápàá kò tó fún ọmọ tó ní dísléksíà. Ohun méjì ni òfin JCQ ń wá. Àkọ́kọ́ ni àyẹ̀wò tí ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ṣe fún ọmọ, pẹ̀lú máàkì tó fi hàn pé ìwé kíkà tàbí ìwé kíkọ rẹ̀ falẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Èkejì ni ẹ̀rí pé bí ọmọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn lójoojúmọ́ ní kíláàsì, pé wọ́n ń fún un ní àfikún àkókò nínú àwọn ìdánwò kéékèèké, pé ó sì ń lò ó.

Ẹ̀rí kejì yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Iléèwé kò lè dédé fún ọmọ ní àkókò lé ní ọjọ́ ìdánwò bí kò bá sí ìwé tó fi hàn pé ó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀. Bí iléèwé ò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rí ò ní sí. Bí òbí ò bá sì béèrè, iléèwé lè má bẹ̀rẹ̀, pàápàá fún ọmọ tó jókòó jẹ́ẹ́, tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, bíi tèmi. Iṣẹ́ lẹ́tà nìyẹn: kó jẹ́ kí àyẹ̀wò wáyé, kó jẹ́ kí ẹ̀rí bẹ̀rẹ̀ sí í jọ, kó sì fi ọjọ́ sí i.

Ọjọ́ ṣe pàtàkì. Àyẹ̀wò tí JCQ máa gbà kò gbọ́dọ̀ ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ Ọdún 9. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹta sì ni iléèwé gbọ́dọ̀ ti fi ìbéèrè ránṣẹ́ fún ìdánwò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà lóṣù Kìíní Ọdún 11 ti fún ara rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́wàá péré láti ṣe àyẹ̀wò, kó ẹ̀rí jọ, kó sì fi ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ iléèwé ló sì ní gbèdéke tiwọn tó ṣáájú ìyẹn. Ìgbà tó dáa jù ni ìparí Ọdún 9 tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sínú Ọdún 10. Bí Ọdún 11 bá ti bá yín, ẹ kọ ọ́ lálẹ́ òní.

Kí ẹ tó kọ ọ́: ìwé kékeré àti aago

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ nǹkan sínú tèmi, lórí tábìlì ilé ìdáná, nígbà tí ọmọ ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mi ò kọ pé ó rẹ̀ ẹ́ tàbí pé ó sunkún, bó tilẹ̀ sunkún lọ́jọ́ kan. Ohun tí èèyàn lè kà ni mo kọ: ọjọ́, iṣẹ́ wo, ìṣẹ́jú mélòó, kí ló ṣẹlẹ̀.

Mo fi aago ka àsìkò tó fi ka ojú ewé kan nínú ìwé sáyẹ́ǹsì rẹ̀. Ìṣẹ́jú 14 ni. Lọ́jọ́ kejì mo ka ojú ewé tó tẹ̀ lé e sí i létí fúnra mi, mo sì bi í ní ìbéèrè mẹ́jọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó gba méje. Àfiwé yìí lágbára ju ẹkún lọ, torí ó fi hàn pé ọmọ mọ nǹkan, pé ọ̀nà tí nǹkan ń gbà wọlé ló dí. Mo tún rí i pé ó kọ orúkọ oṣù Kejì ní ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú ewé kan ṣoṣo, mo sì ya fọ́tò rẹ̀. Ó máa ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà, á fo ìlà kan, á padà sẹ́yìn, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá àwọn ìwé ìdánwò rẹ̀ àtijọ́ jáde pẹ̀lú. Èyí tí ojú ewé rẹ̀ tó gbẹ̀yìn bá ṣófo, tí máàkì iwájú sì dára, ẹ yà á sọ́tọ̀. Èyí tó ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò ràn yín lọ́wọ́, torí iléèwé lè sọ pé kò kàwé ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa gan-an. Bí Yorùbá bá jẹ́ èdè ilé yín, iléèwé lè ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè kejì fún un, wọ́n á wá rò pé ìyẹn ló fà á tí kò fi yára. JCQ ò ka àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sí àìlera, ètò fún dísléksíà kò sì sí fún ọmọ tó jẹ́ pé èdè nìkan ni ìṣòro rẹ̀. Nítorí náà ẹ máà fi àyè sílẹ̀ fún wọn láti méfò. Bí wọ́n bá bí ọmọ síbí, ẹ sọ ọ́. Bí àwọn àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbọ́ Yorùbá kan náà nílé bá ń kà geerege, ẹ sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣòro kan náà ló ń ní bó bá fẹ́ ka orin inú ìwé orin mímọ́ ní Yorùbá, ẹ sọ ọ́, torí dísléksíà kì í dúró sórí èdè kan.

Ẹ sì bi ara yín nípa ìdílé. Dísléksíà máa ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ọkọ mi kò sọ fún mi láti ọdún wọ̀nyí pé wọ́n ń pe òun ní olódo ní Ìjẹ̀bú, pé òun máa ń há ìwé kíkà sórí kí tíṣà má bàa mọ̀ pé òun ò lè kà á. Alẹ́ ọjọ́ tí mò ń kọ lẹ́tà yìí ló sọ ọ́. Ìlà kan nípa rẹ̀ wọ inú lẹ́tà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n kọ ọ́.

Ta ni ẹ ó kọ ọ́ sí

Lẹ́tà mi àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ tíṣà kíláàsì. Tíṣà kíláàsì kò ní agbára lórí ọ̀rọ̀ yìí. Sẹ́ńkò ni ẹ ó kọ ọ́ sí, ìyẹn tíṣà tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe. Òun ni òfin JCQ fi ṣe olórí ètò yìí nínú iléèwé. Orúkọ rẹ̀ máa ń wà lórí wẹ́ẹ̀bù iléèwé. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí olórí kíláàsì ọdún rẹ̀, kí ẹ sì fi ìkan sí ọ̀gá tó ń mójú tó ìdánwò. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́, kí ọjọ́ lè wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fún ọmọ ní ìwé kó mú lọ, inú àpò rẹ̀ ló máa wà.

Lẹ́tà náà

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi kọ́kọ́ kọ ọ́, torí Yorùbá ni mo fi rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló bá mi yí i. Bó ṣe rí kí ó tó di Gẹ̀ẹ́sì nìyí, àfi orúkọ tí mo yọ:

*Sí Sẹ́ńkò iléèwé.*

*Ọ̀rọ̀ náà: mò ń béèrè fún àyẹ̀wò àti ètò àkànṣe fún ìdánwò GCSE fún ọmọ mi (orúkọ, ọjọ́ ìbí, kíláàsì).*

*Èmi ni ìyá ọmọ yìí tó wà ní Ọdún 9. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó ní àmì dísléksíà. Mo so ìwé náà mọ́ lẹ́tà yìí. Mò ń béèrè pé kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ètò tó bá yẹ ẹ́ lè wà nílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ Ọdún 10.*

*Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ oṣù yìí, mo wo iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ pẹ̀lú aago. Ojú ewé kan nínú ìwé sáyẹ́ǹsì gbà á ní ìṣẹ́jú 14 láti kà. Nígbà tí mo ka ojú ewé tó tẹ̀ lé e sí i létí, ó dáhùn ìbéèrè mẹ́jọ lẹ́nu ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó sì gba méje. Nínú ìdánwò ìtàn kan tó ṣe ní Ọdún 9 yìí, ó dáhùn mẹ́rin nínú ìbéèrè mẹ́fà, máàkì rẹ̀ lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dára, méjì tó kù kò ní ọ̀rọ̀ kan lórí. Fọ́tò ìwé náà wà nínú ímeèlì yìí.*

*Ìlú yìí la bí i sí, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi kàwé láti jẹ́léósinmi. À ń sọ Yorùbá nílé. Àbúrò rẹ̀ méjèèjì ń sọ Yorùbá kan náà, wọ́n sì ń kàwé bí ẹgbẹ́ wọn. Bàbá rẹ̀ ní irú ìṣòro yìí nígbà tó wà lọ́mọdé. Nítorí náà mi ò gbà pé èdè ilé ló fà á.*

*Ohun mẹ́ta ni mò ń béèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó kúnjú ìwọ̀n láti ṣe àyẹ̀wò fún ètò JCQ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì sọ ìgbà tó máa jẹ́ fún mi. Kí àyẹ̀wò tó wáyé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bi àwọn tíṣà rẹ̀ nípa bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa fi àfikún àkókò ṣe ìdánwò kíláàsì láti ìsinsìnyí, kí a lè mọ̀ bóyá ó ràn án lọ́wọ́. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó yẹ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ fún un kí gbèdéke tó pé.*

*Mo mọ̀ pé Òfin Ìdọ́gba ọdún 2010 ní kí iléèwé ṣe àtúnṣe tó bá bọ́gbọ́n mu fún ọmọ tó ní àìlera, mo sì fẹ́ bá yín ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Mo lè wá rí yín ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn agogo mẹ́rin. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún mi lésì kí ọjọ́ 14 tó pé.*

Ojú ewé kan ni. Bí ó bá kọjá ìyẹn, ẹ gé e. Ìlà tí mo gbé wò jù ni èyí tó sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí ó fi àfikún àkókò ṣe ìdánwò kíláàsì láti ìsinsìnyí, torí òun ló ń kó ẹ̀rí jọ. Ìlà òfin, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, sísàlẹ̀, láìsí ìhàlẹ̀. Sẹ́ńkò wa sọ fún mi lẹ́yìn náà pé lẹ́tà tí òfin kún inú rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́ máa ń gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ, á sì pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ òun.

Ohun tí mi ò béèrè náà ṣe pàtàkì. Mi ò sọ iye àkókò tí mo fẹ́. Ìdá mẹ́rin àkókò, ìyẹn ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n sábà máa ń fún ọmọ tó ní dísléksíà, máàkì àyẹ̀wò ló sì ń sọ bóyá ó tọ́ sí i. Òbí tó bá kọ ọ́ pé ìdajì lòun fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí ohun tí Sẹ́ńkò gan-an ò ní agbára láti fún un. Ohun tí ọmọ ń ṣe ni kí ẹ sọ, kí ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò dárúkọ ìrànlọ́wọ́.

Ẹ máà sanwó àyẹ̀wò kí ẹ tó bá iléèwé sọ̀rọ̀

Ibí yìí ni owó wa ti ṣòfò. Láàárín lẹ́tà àkọ́kọ́ àti ìkejì, mo gba ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ kan, a lọ sọ́dọ̀ olùyẹ̀wò aládàáni, a san owó tó ju owó oúnjẹ oṣù kan lọ. Ìwé tó fún wa dára, ó kún, ó ní máàkì. Iléèwé ní àwọn ò lè lò ó.

Inú bí mi, ṣùgbọ́n òfin wà lẹ́yìn wọn. Sẹ́ńkò ló gbọ́dọ̀ kọ apá àkọ́kọ́ Fọ́ọ̀mù 8, ìyẹn ìwé JCQ tí wọ́n ń kọ èsì àyẹ̀wò sí, níbi tó ti ṣàlàyé ohun tí àwọn tíṣà rí, kí àyẹ̀wò tó wáyé. Olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí iléèwé ti mọ̀, tí wọ́n ti rí ìwé ẹ̀rí rẹ̀, tó sì ti bá wọn sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kan ọmọ. Àyẹ̀wò tí òbí lọ ṣe láìjẹ́ kí iléèwé gbọ́ kò lè di ohun tí wọ́n fi béèrè ètò. Ó lè jẹ́ àmì tí á mú Sẹ́ńkò bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tirẹ̀, ibẹ̀ ló mọ. Bí ẹ bá ti ṣe é, ẹ so ó mọ́ lẹ́tà, ẹ sọ pé kí wọ́n fi ṣe ìtọ́kasí, kí ẹ sì béèrè àyẹ̀wò tiwọn síbẹ̀. Bí ẹ ò bá tíì ṣe é, owó yín, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín.

Bí a ṣe ń ka èsì àyẹ̀wò

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn lẹ́tà kejì, Sẹ́ńkò pè mí. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò nínú oṣù Kẹfà. Ìwé tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ kún fún nọ́ḿbà, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kà á kó má bàa dá yín lágara.

Máàkì yìí kì í ṣe iye tí ọmọ gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n fi ọmọ wé àwọn ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀, 100 sì ni àárín. Láti 85 dé 115 ni ọ̀pọ̀ ọmọ wà. Bó bá jẹ́ 84 tàbí sísàlẹ̀, ó kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ọmọ tó lè gba ìdá mẹ́rin àkókò, ó gbọ́dọ̀ ní máàkì méjì lórí ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó ń dín ìyára iṣẹ́ kù, bíi ìyára kíkà, ìyára kíkọ, tàbí bí ọpọlọ ṣe ń to ìró àti bó ṣe ń rántí wọn. Kí méjèèjì jẹ́ 84 tàbí sísàlẹ̀, tàbí kí ìkan jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ìkejì sì wà láàárín 85 sí 89.

Ọmọ mi gba 79 nínú ìyára kíkà, ó gba 86 nínú títo ìró. Ó wọlé. Bó bá jẹ́ pé 86 àti 88 ni, kò ní wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ kan náà tó ń sunkún lórí tábìlì kan náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún òbí pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ sùn dáadáa lálẹ́ àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kí wọ́n má kọ́ ọ ní àṣedánrawò rẹ̀. Àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ rí ìṣòro bó ṣe wà.

Oṣù tó tẹ̀ lé e: bíírò aláwọ̀ méjì

Lẹ́yìn àyẹ̀wò ni iṣẹ́ ẹ̀rí gan-an bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ìdánwò kíláàsì ní Ọdún 10, wọ́n ní kí ó fi bíírò dúdú kọ̀wé títí àkókò àwọn yòókù á fi tán, kó wá gbé bíírò aláwọ̀ ewé kó tó máa bá a lọ. Tíṣà tó bá mú ìwé náà rí ohun tí àfikún àkókò ṣe pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Nínú ìdánwò ìtàn ti oṣù Kọkànlá, ìbéèrè márùn-ún jẹ́ dúdú, ìkẹfà jẹ́ àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. Sẹ́ńkò ya ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì. Bí iléèwé yín ò bá ṣe èyí, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè ṣe é. Kò ná wọn ní nǹkan ju bíírò kan.

Ẹ tún bi ọmọ bóyá ó ń lò ó. Ọmọ tí ojú ń tì máa ń dìde nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá dìde. Tèmi ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí tíṣà bá kọ ọ́ pé wọ́n fún un, kò lò ó, ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀rí, ó sì lè mú kí ètò náà bọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí yàrá kékeré tí àwọn tó ní àfikún àkókò nìkan wà, ìtìjú náà kásẹ̀ nílẹ̀.

Sẹ́ńkò fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ní Ọdún 10. Bí wọ́n bá ti gbà á, oṣù 26 ló ní, nítorí náà ó dé ìdánwò rẹ̀ ní Ọdún 11. Ẹ béèrè fún ẹ̀dà ìwé ìfọwọ́sí náà. Bí ọmọ bá fẹ́ lọ kàwé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn lẹ́yìn GCSE, ẹ ó nílò rẹ̀ láti fi hàn Sẹ́ńkò tuntun.

Bí wọ́n bá ní rárá

Ẹ má bínú jáde. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ fún yín, pẹ̀lú àwọn máàkì. Bí ó bá jẹ́ pé kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò rárá, lẹ́tà yín kò tíì gba èsì, ẹ tún un kọ sí ọ̀gá iléèwé. Bí ó bá jẹ́ pé máàkì ló wà lókè gbèdéke, ẹ yí ìbéèrè padà. Àwọn ìrànlọ́wọ́ kan wà tí iléèwé lè fún ọmọ fúnra rẹ̀ láìkọ̀wé sí ẹnikẹ́ni: ìsinmi díẹ̀ láàárín ìdánwò tí aago á dúró, kọ̀ǹpútà láti tẹ̀wé, tó bá jẹ́ pé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní kíláàsì nìyẹn, ike aláwọ̀ tí wọ́n ń gbé lé ìwé, tàbí bíírò tó ń kàwé síta létí. Kọ̀ǹpútà náà kì í ní ohun tó ń tún àkọtọ́ ṣe. Ẹ rántí pẹ̀lú pé nínú apá ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń dán kíkà wò, èèyàn ò lè ka ìwé náà fún ọmọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè kà á. Nítorí náà ọmọ tó bá nílò ẹni tí á máa kàwé fún un gbọ́dọ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń lo ti kọ̀ǹpútà tipẹ́.

Ní Ẹ́ńgílàǹdì, agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ibi ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ fún òbí tí wọ́n ń pè ní SENDIASS. Wọ́n lè bá yín ka lẹ́tà iléèwé, wọ́n sì lè bá yín lọ sí ìpàdé. Bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́ pé iléèwé fi àìlera ọmọ dù ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, oṣù mẹ́fà péré lẹ́ ní láti gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ ìdánwò

Ní oṣù Kẹrin Ọdún 11, iléèwé fún ọmọ mi ní ìwé kékeré tó ní ọjọ́, yàrá àti àga rẹ̀ fún ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé tó máa gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45, tó bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 45 ló máa parí fún àwọn yòókù. Fún un, ìṣẹ́jú 26 ló kún un, kó parí ní agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Lórí ìwé ẹ̀kọ́ kan, wọ́n ti kọ agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 45, wọ́n sì tò ó sínú gbọ̀ngàn ńlá pẹ̀lú gbogbo ọmọ. Mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀gá ìdánwò, ẹni tí mo ti fi ẹ̀dà lẹ́tà ránṣẹ́ sí lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ó tún un ṣe kí ọjọ́ náà tó ṣú.